Ohun Tó Ń Ṣáájú Orúkọ: Kíkọ Ìbẹ̀rẹ̀ Òjijì àti Ìtọ́wò fún Ètò Àlàyé Ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀

Ìbẹ̀rẹ̀ òjijì ni apá ètò tẹlifíṣọ̀n tàbí fídíò tó máa ń wáyé kí orúkọ ètò náà tó jáde. Kò sí ìkíni níbẹ̀, kò sí orin ìdánimọ̀, kò sì sí ẹni tó ń sọ pé "ẹ káàbọ̀ sórí ètò wa". Ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí olùwòran tó jókòó dáadáa. Nínú ètò àlàyé, ìyẹn ètò tó ń mú ọ̀rọ̀ kan tó díjú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó sì ń tú u palẹ̀ fún ará ìlú, ìbẹ̀rẹ̀ òjijì sábà máa ń gba ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60 nínú apá tó gùn tó ìṣẹ́jú 10 tàbí 12. Ìtọ́wò ni gbólóhùn díẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tó ń jẹ́ kí olùwòran mọ ohun tó ń bọ̀ láìjẹ́ kó mọ ibi tí yóò já sí. Ẹ̀yìn àwọn méjèèjì ni ìfihàn ìkànnì ń wá: orúkọ, àmì, àwọ̀ àti ohùn ìlù tí kì í yí padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Ọgbọ́n yìí ti wà tipẹ́ kí ayélujára tó dé. Nígbà tí Star Trek bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1966, wàhálà kan máa ń ṣẹ́ sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn kí orin àti orúkọ ètò náà tó jáde. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Bí ètò kan bá parí, tí òmíràn sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin àti orúkọ àwọn òṣèré, àsìkò yẹn gan-an ni ọwọ́ èèyàn máa ń lọ sí bọ́tìnì láti wo ohun tí ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe. Bí ìtàn bá ti gbá a lọ́kàn mú kí orin tó dé, yóò dúró. Saturday Night Live, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1975, sọ ọ́ di àṣà tí kò yẹ̀: eré kékeré kan ni yóò ṣáájú, ìgbà tí eré náà bá sì parí ni ẹnì kan yóò tó ké e síta pé láti Níú Yọ́ọ̀kì ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀.

Ìfihàn ìkànnì ní ìtàn tirẹ̀, ó sì yẹ kí ẹni tó ń kọ ètò mọ ìtàn náà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń wá. Láyé àtijọ́, ilé iṣẹ́ rédíò ní Nàìjíríà a máa lo ohùn ìlù bí àmì ìdánimọ̀ rẹ̀. Bí ará ilé bá gbọ́ ìlù ìròyìn láti ẹ̀yìnkùlé, á mọ̀ pé àsìkò ti tó, á fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á sì wọlé wá gbọ́. Iṣẹ́ ìlù yẹn ni láti pe ẹni tí kò sí níwájú ẹ̀rọ. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gùn, nítorí pé ó ń dúró de ẹni tó ń bọ̀. Ti ẹni tó ń wo fídíò lórí fóònù kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti wà níwájú rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tó ti ka àkọlé rẹ̀. Orin tó gba ìṣẹ́jú àáyá 20 níbẹ̀, ẹni tó ti dé ló ń pè. Netflix rí èyí, ó sì gbé bọ́tìnì Skip Intro jáde ní 2017 kí olùwòran lè fo orin àti orúkọ lọ. Ohun kan wà nínú bọ́tìnì yẹn tó yẹ kí òǹkọ̀wé ètò kíyè sí: orin ìdánimọ̀ ló ń fò. Ìbẹ̀rẹ̀ òjijì tó ṣáájú orin náà kì í fọwọ́ kàn, nítorí apá kan ìtàn ni.

Gígùn nìkan kọ́ ló wá ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ìfihàn ìkànnì jẹ́ ti gbogbo ọ̀sẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ òjijì jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí nìkan. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń ṣe ìfihàn, wọ́n á sì lò ó fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú àáyá 3 sí 5 ti tó o. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló ń tọ́ka sí. Ìbẹ̀rẹ̀ òjijì kò bìkítà fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń gbé síwájú èèyàn. Ìdánwò kan wà tí kì í parọ́: kí wọ́n gé ìbẹ̀rẹ̀ òjijì ọ̀sẹ̀ yìí kúrò, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú apá ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bó bá bá a mu, a jẹ́ pé òǹkọ̀wé kò tíì kọ ìbẹ̀rẹ̀ òjijì kankan. "Ǹjẹ́ ẹ ti ronú rí nípa ohun tí a fẹ́ sọ lónìí?" bá ọ̀rọ̀ owó orí mu, ó bá ọ̀rọ̀ àìsàn ibà mu, ó bá ti afárá mu. Ìfihàn ìkànnì tó fi ara pamọ́ ni irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ má baà wà lójú òfuurufú, ẹ jẹ́ kí a mú apá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ètò àlàyé kan ní èdè Yorùbá fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí okùn iná àpapọ̀ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, èyí tí àwọn èèyàn mọ̀ sí gírìdì, fi máa ń ṣubú, tí ìlú púpọ̀ á sì wọ òkùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ nìyí. Iná tó ń wọ ilé ní Nàìjíríà máa ń lọ, ó máa ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo ẹ̀rọ ńláńlá tó ń pèsè iná sórí gírìdì sì gbọ́dọ̀ jọ máa yí ní ìbámu pẹ̀lú iye yẹn. Bí ilé iṣẹ́ ńlá kan bá já kúrò lójijì, ẹrù tó wà lórí rẹ̀ á bọ́ sórí àwọn tó kù. Wọn á wúwo, yíyí wọn á dínkù, iye náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ láti 50. Ẹ̀rọ ìdáàbòbò tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ní jẹ́ kó bàjẹ́. Bí iye náà bá wálẹ̀ jù, á já ẹ̀rọ tirẹ̀ kúrò. Ìjákúrò yẹn á tún dá kún ẹrù àwọn tó ṣẹ́kù, títí tí kò fi ní sí ẹyọ kan mọ́.

Àlàyé yìí dára, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sí nínú ìbẹ̀rẹ̀ òjijì. Òun ni ìdáhùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ máa ń dà báyìí:

"Iná mànàmáná ṣe pàtàkì púpọ̀ fún ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń kojú ìṣòro iná. Nínú ètò tòní, a ó ṣàlàyé ohun tí gírìdì jẹ́ àti ìdí tó fi máa ń ṣubú."

Kò sí irọ́ níbẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ bá ọ̀rọ̀ omi àti ti ọ̀nà mu. Èkejì ń sọ fún ẹni tó wà nínú òkùnkùn pé òkùnkùn wà. Ẹ̀kẹta nìkan ló kan ọ̀rọ̀, ìkéde lásán sì ni. Ọ̀nà tó dára jù ni kí òǹkọ̀wé wá ibi kan, nǹkan kan tí ojú lè rí, àti ewu kan. Ilé ìṣàkóso gírìdì Nàìjíríà wà ní Òṣogbo. Ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ṣọ́ iye tí a sọ yẹn. Ibi ti wà, nǹkan ti wà, ewu náà sì ti wà:

"Yàrá kan wà ní Òṣogbo tí àwọn òṣìṣẹ́ kì í ti í mójú kúrò lára nọ́ńbà kan, tọ̀sántòru. Nọ́ńbà náà ni 50. Bó bá lé díẹ̀, wọ́n á fura. Bó bá dín díẹ̀, wọ́n á gbé fóònù. Ṣùgbọ́n bó bá ń já bọ̀ tí kò dúró, ẹ̀rọ ìlọta kan á dákẹ́ ní Ìbàdàn, fíríìjì kan á dákẹ́ ní Kánò, dókítà kan ní Èkó á sì gbójú sókè wo gílóòbù tó kú lórí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ abẹ fún. Kò sí ẹni tó pa iná náà. Àwọn ẹ̀rọ tó ń pèsè iná ló já ara wọn kúrò, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má baà bàjẹ́."

Gbólóhùn àkọ́kọ́ kò sọ pé gírìdì ni ọ̀rọ̀ dá lé. Olùwòran ti ka àkọlé, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ iná ni. Yàrá àti nọ́ńbà ni kò mọ̀. "Nọ́ńbà náà ni 50" dúró fúnra rẹ̀, láìsí àlàyé, torí pé àìmọ̀ ohun tí 50 ń kà ni yóò mú èèyàn tẹ̀ síwájú. Ìlọta, fíríìjì àti dókítà wà níbẹ̀ kí ìlú mẹ́ta tó jìnnà síra lè wọ òkùnkùn lójú olùwòran lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì rí ohun tí gírìdì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ló wúwo jù. Ó sọ ohun kan tó yàtọ̀ sí èrò gbogbo èèyàn, nítorí ọ̀pọ̀ ló gbà pé ẹnì kan ló máa ń pa iná. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tíì ṣàlàyé bó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Ibi tó yẹ kí ìbẹ̀rẹ̀ òjijì dúró nìyẹn: orí òtítọ́ tó ń béèrè fún àlàyé.

Ìtọ́wò ló kàn, kò sì yẹ kó ju gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta lọ. Òǹkọ̀wé lè fi ohùn sọ ọ́ nígbà tí àwòrán ń kọjá lórí rẹ̀: omi tó ń ya lára ìdídò ńlá, ọwọ́ kan lórí bọ́tìnì, àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà tí iná ń kú lórí rẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ báyìí: "Kí ni nọ́ńbà yẹn ń kà? Kí ló dé tí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo fi lè fa ìyókù lulẹ̀? Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá sì kú tán, níbo ni wọ́n ti ń rí iná àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń jí àwọn tó kù?" Ìbéèrè kẹta yìí ni olùwòran kò ní fojú sọ́nà fún. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ iná nílò iná láti òde kí ẹ̀rọ tiwọn tó lè bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ibi tí ẹ̀rọ ti lè dá bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń lo agbára omi, irú èyí tó wà ní Kàǹjì, Jẹ́bà àti Ṣíróró, rọrùn láti lò bẹ́ẹ̀, nítorí omi tí wọ́n sé mọ́ ibẹ̀ lè yí ẹ̀rọ láìdúró de iná ẹlòmíràn.

Gbèsè ni ìbéèrè kọ̀ọ̀kan nínú ìtọ́wò. Kí wọ́n tó gba ohùn sílẹ̀, ó yẹ kí òǹkọ̀wé kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ìṣẹ́jú tí ìdáhùn rẹ̀ ti wáyé nínú apá náà. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ìtumọ̀ 50 lè wà ní ìṣẹ́jú kejì, bí ilé iṣẹ́ kan ṣe ń fa òmíràn lulẹ̀ ní ìṣẹ́jú karùn-ún, iná àkọ́kọ́ ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án. Bí ìbéèrè kan kò bá ní ìṣẹ́jú tirẹ̀, kí wọ́n yọ ọ́, bó ti wù kó dùn létí tó. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí òǹkọ̀wé ṣe àkọsílẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ òjijì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ bí atọ́nà lásán, kí ó sì tún un kọ pátápátá lẹ́yìn tí ara ètò bá ti parí. Láàárín àsìkò yẹn, ìwádìí lè ti yí ìdáhùn padà, ìtọ́wò tí wọn kò tún kọ á sì máa ṣèlérí ohun tí kò sí nínú ètò mọ́.

Gígùn rẹ̀ náà gba ìdánwò. Iye ọ̀rọ̀ kò tó fi díwọ̀n èdè Yorùbá, nítorí pé àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú, ọ̀nà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń gbà pè wọ́n yàtọ̀. Kí wọ́n ka ìwé náà sókè, bí wọn yóò ṣe kà á níwájú makirofóònù, kí aago wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú kan, àárín ni kí wọ́n ti gé e. Ẹni tó bá gé ìparí ti gé ohun tí ìbẹ̀rẹ̀ òjijì wà fún.

Lẹ́yìn ìtọ́wò ni ìlù ìkànnì yóò dún, orúkọ á jáde fún ìṣẹ́jú àáyá 4, ètò á sì bẹ̀rẹ̀ gan-an. Oríkèé yìí ni àṣìṣe tí ó ń bí olùwòran nínú jù lọ ti ń ṣẹlẹ̀. Olóòtú á fara hàn, á kí èèyàn, á sọ orúkọ rẹ̀, á wá tún sọ pé lónìí òun fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìdí tí gírìdì fi ń ṣubú. Olùwòran ti gbọ́ èyí, ó sì ti gbà láti dúró; wọ́n wá dá a padà sí ẹnu ọ̀nà. Ohun tó tọ́ ni kí gbólóhùn àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìfihàn tẹ̀ síwájú láti ibi tí ìtọ́wò dúró: "Ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan: iye ìgbà tí iná inú ilé yín ń lọ, tó sì ń bọ̀ nìyẹn." Ìkíni kò sí nínú èyí, kò sì sí àìlọ́wọ̀ níbẹ̀. Bí olóòtú bá rò pé òun gbọ́dọ̀ kí àwọn àgbà tó ń wo òun, èyí tó yẹ ní ilẹ̀ Yorùbá, "ẹ kú ìjókòó" kan ṣoṣo tó wọnú gbólóhùn yẹn ti tó.

Bí èèyàn ṣe lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà ṣe dáadáa wà nínú YouTube Studio, lábẹ́ àwòrán ìlà tó ń fi hàn bí iye àwọn tó ń wò ṣe ń dínkù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fídíò. Ojú òpó yẹn tún máa ń sọ ìdá àwọn tó ṣì ń wò nígbà tí fídíò dé ìṣẹ́jú àáyá 30. Kò sí fídíò tí ìlà rẹ̀ kì í wálẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Bó ṣe wálẹ̀ ló yẹ kí wọ́n wò. Bó bá rọra ń yọ̀ sílẹ̀, kò sí aburú. Bó bá já lulẹ̀ bí ògiri ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ márùn-ún, ó ṣeé ṣe kí ìbẹ̀rẹ̀ òjijì má lẹ́bi rárá: àkọlé tàbí àwòrán ojú fídíò ló ti ṣèlérí ohun mìíràn, gbólóhùn àkọ́kọ́ sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kọ́ nìyí. Bí ìlà bá dúró dáadáa títí di 0:45, tó wá já ní ibi tí ìlù ti bẹ̀rẹ̀, ìfihàn ìkànnì ló gùn jù. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ìlù ló já, kí wọ́n lọ gbọ́ ohun tí olóòtú sọ níbẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé àtúnsọ ni. Fídíò kan ṣoṣo kò tó láti fi dájọ́. Ọ̀rọ̀ iná máa ń fa ọ̀pọ̀ èèyàn ju ọ̀rọ̀ òfin ilẹ̀ lọ, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n to ìlà apá mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tó tẹ̀ léra kí wọ́n tó gbà pé ibì kan náà ni àwọn èèyàn ti ń kúrò.

Ìtọ́wò kejì ṣì kù, èyí tó máa ń wà ní ìparí, tó ń pe èèyàn fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ti ìbẹ̀rẹ̀ ń mú kí èèyàn dúró fún ìṣẹ́jú 10. Tìkẹyìn gbọ́dọ̀ wà lọ́kàn rẹ̀ fún ọjọ́ 7. Nítorí náà, kò gbọdọ̀ ní ju ọ̀rọ̀ kan lọ, ó sì dára bí nǹkan tó wà nínú rẹ̀ bá jẹ́ ohun tí olùwòran á fọwọ́ kàn láàárín ọ̀sẹ̀. Bí apá tó ń bọ̀ bá dá lé mítà àsansílẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè jẹ́: "Bí ẹ bá ra iná lọ́sẹ̀ yìí, nọ́ńbà 20 ni wọn yóò fún yín. Ọ̀pọ̀ mítà kì í pe ẹnikẹ́ni láti béèrè bóyá ẹ ti sanwó. Báwo ló ṣe wá mọ̀?" Ní gbogbo ìgbà tí ẹni náà bá ń tẹ nọ́ńbà sára mítà rẹ̀, ètò náà á sọ sí i lọ́kàn.

Irú ìtọ́wò bẹ́ẹ̀ kò ṣeé kọ bí ìwádìí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò bá tíì parí. Àwọn tó ń ṣe ètò ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní láti fi ó kéré tán apá kan ṣáájú ara wọn, kí wọ́n lè mọ̀ dájú pé ìdáhùn wà kí wọ́n tó béèrè. Bí ọ̀sẹ̀ bá le, tí apá tó ń bọ̀ kò sì tíì dúró, kí wọ́n parí ètò láìsí ìtọ́wò rárá. Olùwòran kì í bínú sí ètò tó kàn parí. Èyí tó ṣèlérí ọ̀rọ̀ mítà, tó wá padà dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn láìtọrọ àforíjì, ni kò ní gbà gbọ́ mọ́ nígbà tó bá tún sọ pé "lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀".